Ìtúmọ̀ Àmì Mẹ́ta inú Ìròyìn Ààbò Ọ̀rọ̀ Aṣínà: Àlòkáàkiri, Ẹlẹgẹ́ àti Atúsíta

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ aṣínà ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ó tó lè wọ ibi tí ó ní àkáǹtì sí, ìbáà ṣe bánkì, ímeèlì tàbí ilé-ìkàwé orí ayélujára. Nítorí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí orí kan lè rántí lọ, ètò ẹ̀rọ kan wà tí ó ń bá ènìyàn tọ́jú wọn. ‘Apamọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà’ ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò fún un. Apamọ́ a máa yẹ ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀ wò, a sì máa gbé ìròyìn jáde lórí èyí tí ó léwu. Nínú apamọ́ tí à ń pè ní `Bitwarden`, mẹ́ta nínú àwọn ìròyìn náà ni `Reused Passwords`, `Weak Passwords` àti `Exposed Passwords`.

Bí olùtumọ̀ bá fi ‘ọ̀rọ̀ aṣínà tí kò dára’ túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Àìsàn mẹ́ta ni wọ́n. Orísun wọn kò rí bákan náà, ìwòsàn wọn kò sì rí bákan náà. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé bí ó ṣe yẹ kí á ka àmì kọ̀ọ̀kan, kí á sì ti inú àlàyé náà yan ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá a mu.

2.0 Àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé olùkọ́ ilé-ìwé gíga kan wà ní Ìrẹsà-Adú, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Súrùlérè lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Àkáǹtì márùn-ún ni ó wà nínú apamọ́ rẹ̀: ímeèlì, Fésíbúùkù, ilé-ìtajà, ilé-ìkàwé àti bánkì. Ó ya àwòrán ojú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ó ṣí ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá to àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kókó inú wọn nìyí:

```
ímeèlì        Reused 3 times
Fésíbúùkù     Reused 3 times
ilé-ìtajà     Reused 3 times
ilé-ìkàwé     Very Weak, Exposed
bánkì         -
```

Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, ilé-ìkàwé ni ó burú jù, nítorí àmì méjì ni ó wà lórí rẹ̀. Bánkì ni ó sì dára jù, nítorí kò ní àmì kankan. Àlàyé tí ó ń bọ̀ yóò fi hàn pé kíkà báyìí kò péye.

3.0 Àlòkáàkiri

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn fún `Reused` ni ‘àtúnlò’. Ṣùgbọ́n àtúnlò ni ti ìgò tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì tún rọ epo sí: ìlò kan ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. ‘Àjùmọ̀lò’ náà kò tọ́, nítorí ohun tí ó ń sọ ni pé ènìyàn púpọ̀ ń lo ohun kan. Ohun tí àmì yìí ń sọ ni pé ènìyàn kan ń fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ ní àkókò kan náà. ‘Àlòkáàkiri’ ni ó gbé èyí yọ dáadáa.

Nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé àmì náà gba àkíyèsí. `Reused 3 times` kò túmọ̀ sí pé wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tún lò ó lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Àkáǹtì mẹ́ta ni gbogbo àwọn tí ó ń lò ó, èyí tí àmì wà lórí rẹ̀ sì wà lára wọn.

Ewu inú àlòkáàkiri kò sinmi lé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó tàbí bí ó ṣe díjú tó. Ní ọdún 2009, àwọn olè wọ ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RockYou, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó tó mílíọ̀nù 32, tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ gbangba láìfi ohunkóhun bò wọ́n. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìtajà tí olùkọ́ wa ń bá nájà, olè kò ní í méfò rárá. Yóò mú ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá níbẹ̀, yóò sì fi ẹ̀rọ dán wọn wò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ìdí nìyí tí àkáǹtì tí kò ní àmì ẹlẹgẹ́ ṣe lè ṣí sílẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí olùkọ́ náà bá yí méjì nínú mẹ́ta padà, àmì yóò kúrò lára ẹ̀kẹta fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ti dá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti rìn dé ibi mẹ́ta ṣì ni, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èwo nínú ibi mẹ́ta náà ni yóò jò, tàbí tí ó ti jò. Nítorí náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ ní yíyípadà.

4.0 Ẹlẹgẹ́

Fún `Weak`, ‘aláìlágbára’ lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé díẹ̀ báyìí ni yóò fọ́ ọ. ‘Ẹlẹgẹ́’ ni ó tọ́.

Ẹ̀rọ kì í wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú. Iye ìgbà tí olè yóò méfò kí ó tó bá a ni ó ń fojú díwọ̀n. Ìlànà tí `Bitwarden` ń lò fún èyí ni `zxcvbn`, tí Dan Wheeler ṣe ní ilé-iṣẹ́ Dropbox tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2012. Ìlànà náà ń wá ọ̀rọ̀ inú àkójọ, orúkọ ènìyàn, ọdún, àti lẹ́tà tí ó tò lé ara wọn lórí bọ́tìnì, ó sì ń fún ọ̀rọ̀ aṣínà ní máàkì láti 0 dé 4. Èyí tí ó bá gba 0 tàbí 1 ni ojú ẹ̀rọ ń pè ní `Very Weak`. 2 ni `Weak`. Èyí tí ó bá gba 3 tàbí 4 kì í wọ inú ìròyìn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tí ń sọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú àkójọ tí `zxcvbn` ń wò, orúkọ inú rẹ̀ sì wá láti inú ètò ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ọ̀rọ̀ aṣínà bánkì olùkọ́ náà ni `AdukeIresa1974`: oríkì rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i. Ọdún náà nìkan ni ẹ̀rọ dá mọ̀ dáadáa. Àdùkẹ́ àti Ìrẹsà kò yé e. Lójú rẹ̀, lẹ́tà tí ó kàn ṣù jọ ni wọ́n, ó sì lè fún un ní máàkì gíga. Ṣùgbọ́n ará àdúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tàbí ẹni tí ó ka ojú-ewé Fésíbúùkù rẹ̀ lè méfò rẹ̀ láìpẹ́. Àìsí àmì lórí bánkì kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dájú. Ẹ̀rí pé ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá ni. Ohun tí ó sàn ni kí apamọ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan.

5.0 Atúsíta

Àmì `Exposed` ni wọ́n máa ń ṣì kà jù. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘èyí tí wọ́n jí’, olùkọ́ náà yóò rò pé olè ti wọ àkáǹtì òun. Àmì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí àṣírí wọn ti tú, yálà láti ọwọ́ rẹ̀ tàbí láti ọwọ́ ẹlòmíràn tí ó ṣe kòńgẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. ‘Atúsíta’ ni iṣẹ́ yìí dábàá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ni ó tú síta, kì í ṣe àkáǹtì.

Àkójọ tí `Bitwarden` ń wò wà lọ́wọ́ `Have I Been Pwned`, tí Troy Hunt, ará Ọsirélíà, dá sílẹ̀ ní ọdún 2013. Ìbéèrè tí ó tọ́ láti béèrè ni pé, báwo ni ẹ̀rọ ṣe lè bi àkójọ náà léèrè láìtú àṣírí tí ó fẹ́ pamọ́? Ẹ̀rọ a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di àmì kan tí iṣẹ́ yìí pè ní ‘ìtẹ̀ka’. Ìtẹ̀ka yàtọ̀ sí ẹnà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹnà lè dá a padà sí ọ̀rọ̀ tí ó ti wá; ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kò ti lè mọ ojú ẹni láti ara ìka tí ó tẹ̀ sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí a lè gbà yí ìtẹ̀ka padà. Ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-ìkàwé olùkọ́ wa ni `123456`. Ìlà kejì ni ìtẹ̀ka rẹ̀, ìlà kẹta sì ni ohun tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́:

```
123456
7C4A8D09CA3762AF61E59520943DC26494F8941B
7C4A8
```

Márùn-ún péré nínú ogójì ni ó jáde nínú ẹ̀rọ. Àkójọ yóò dá gbogbo ìtẹ̀ka tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà, tí wọ́n máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ̀rọ yóò sì wá tirẹ̀ láàrin wọn nílé. Nọ́ńbà kan yóò tẹ̀ lé e, èyí tí ó ń sọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn nínú àkójọ. Ti `123456` ju mílíọ̀nù 30 lọ. Kì í ṣe olùkọ́ yìí ni wọ́n jà lólè nígbà mílíọ̀nù 30; àwọn mìíràn tí wọ́n yan ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 1 péré tí ọ̀rọ̀ náà sì gùn tí ó díjú, ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó ṣòro kí ẹlòmíràn ṣe kòńgẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ibi kan tí oní-nǹkan ti lò ó ni ó ti jò. Nọ́ńbà kékeré lè burú ju ńlá lọ fún oní-nǹkan.

6.0 Kíkà àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Àmì sọ bí ilẹ̀kùn ṣe rí. Kò sọ ohun tí ó wà nínú yàrá. Ímeèlì ni àwọn àkáǹtì yòókù ń fi ìwé ránṣẹ́ sí nígbà tí oní-nǹkan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá gba ímeèlì lè gba ìyókù. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ímeèlì ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ yí padà, bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bánkì tí kò ní àmì ni ó kàn, nítorí oríkì inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà Fésíbúùkù àti ilé-ìtajà. Ilé-ìkàwé ni yóò gbẹ̀yìn.

Àwòrán náà fúnra rẹ̀ tún gba ìṣọ́ra. Kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà hàn, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ àkáǹtì àti ibi tí ògiri ti lanu hàn. Ẹni tí ó bá fi í sí ẹgbẹ́ Wáásáàpù láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ti ya àwòrán ilé rẹ̀ fún olè. Ó yẹ kí wọ́n gé orúkọ kúrò, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí àkójọ ọ̀rọ̀ atúsíta ń pọ̀ sí i, àwòrán kò sì lè yí padà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlòkáàkiri ń sọ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹlẹgẹ́ ń sọ nípa bí wọ́n ṣe mọ ọ́n, atúsíta sì ń sọ nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán òye akẹ́kọ̀ọ́ wò lè bi í pé: nínú mẹ́ta yìí, èwo ni ó lè bá ọ̀rọ̀ aṣínà tí apamọ́ ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀? Ìdáhùn ni pé ẹlẹgẹ́ nìkan ni kò lè bá a, bí ó bá gùn tó. Àlòkáàkiri lè bá a bí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn, atúsíta sì lè bá a bí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi pamọ́ sí bá jẹ́ kí ó jò.