Okùn Awọ Kọ́ Ló Yẹ Ọwọ́ Tó Ń Làágùn

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí mo ní láti túmọ̀ ìyẹn fún. Àmọ́ òwe yìí kan náà ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti Igbó Ẹfọ̀n máa so aago olókùn awọ mọ́wọ́ nínú ooru oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Láìpẹ́ yìí, àbúrò kan tí a jọ ń gbé ilé na ọwọ́ sí mi pé kí n wo ohun tó ń yún òun. Nígbà tó bọ́ aago, ara rẹ̀ ti sú yí ọrùn ọwọ́ ká, bí okùn náà ṣe fẹ̀ sì ni ibi tó sú ṣe fẹ̀. Mo gbé okùn náà súnmọ́ imú, mo sì yára gbé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, awọ gidi ni o," ló wí. "Owó gidi ni mo fi rà á."

Awọ gidi ni lóòótọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Awọ máa ń mu omi. Àárín ọ̀sà àti òkun ni a wà níbí, omi ti kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ lára wa. Inú okùn ló ń wọ̀, tòun ti iyọ̀ àti ọ̀rá ara. Bí ilẹ̀ bá ṣú, omi yóò máa kúrò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní kúrò. Iyọ̀ yìí ló ń mú kí awọ le, kó sì máa là níbi ihò rẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun lábẹ́ okùn, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Iyọ̀ yóò yọ́ dànù. Bó bá tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí aago wà nínú dúrọ́ọ̀, tó sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ó ti bu nìyẹn. Ẹ má fọ́n lọ́fínńdà sí i, ẹ má sì sá a sóòrùn, àwọn méjèèjì ń mú awọ gan ni. Ẹni tí kò lè fi awọ sílẹ̀, kó máa so ó lọ síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kó má sì so ó lọ́jọ́ méjì tẹ̀ léra.

Aṣọ ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń wọ dánfó, ìyẹn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n hun. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìlànà irú rẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun wọn lọ́dún 1973. Odindi okùn kan ni, ó gba abẹ́ aago kọjá, débi pé bí píìnì kan bá já, aago kò ní bọ́ sílẹ̀, píìnì kejì yóò dì í mú. Òun náà ń mu òógùn, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọ̀. Ọṣẹ àti omi nírọ̀lẹ́, ẹ fún un, ẹ fi kọ́ síwájú fáànù, yóò gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá ní máa fọ̀ ọ́, kó má rà á, nítorí òórùn rẹ̀ kò kéré sí ti awọ.

Rọ́bà kì í mu nǹkan kan, ìdí nìyí tó fi dára fún etíkun. Ṣùgbọ́n òógùn ń há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má so ó pinpin, ẹ sì máa ṣan òun àti ọwọ́ yín lọ́sàn-án.

Ní ti ṣéènì, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 316L sí i lẹ́yìn. Irin tí kì í dípẹtà ni, wọ́n sì fi mọlibídẹ́nọ̀mù sí i kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ayédèrú lè ru àkọlé náà o, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Idẹ tí wọ́n kùn ní wúrà yóò bó, níkẹ́ẹ̀lì tó sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì kan ara, ọ̀pọ̀ ni níkẹ́ẹ̀lì máa ń mú kí ara wọn sú. Ọwọ́ tún máa ń wú nínú ooru, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ìka kékeré lè gba abẹ́ ṣéènì náà kọjá.

Ibi tí mo ti bá òwe yẹn jà nìyí. Ojú nìkan ló rò, kò rántí imú. Ẹni tí ẹ bọ̀ lọ́wọ́ yóò gbọ́ òórùn okùn yín kó tó wo iye tí ẹ rà á. Mo gbà pé ìrísí ṣe pàtàkì lọ́fíìsì, ṣéènì 316L sì tó fún ìyẹn.

Aago àbúrò mi kò ní àbùkù kankan, okùn nìkan la pààrọ̀. Kí ẹ̀yin náà tó lọ ra tiyín, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tí okùn ń wọ̀ lára aago. 18, 20 tàbí 22 mílímítà ló wọ́pọ̀. Èyí tó bá tóbi jù kò ní wọlé, èyí tó bá sì kéré yóò máa yí lórí píìnì.