Níbo Ni 40 Ti Wá?

ÌBÉÈRÈ

Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo ń kà. Wọ́n fún wa ní ìṣirò Cournot: ẹni méjì ń ta ọjà kan náà, iye owó rẹ̀ jẹ́ P = 120 − Q, kò sì ná wọn ní nǹkan kan láti pèsè é. Níwọ̀n bí àwọn méjèèjì ti rí bákan náà, mo pe ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé wá ní q, Q wá di 2q. Mo ṣe é délẹ̀, mo rí 30. Ìwé ní 40 ni. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, 30 náà ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni mo ti ṣìnà?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ìṣirò rẹ kò ní àbùkù, ìbéèrè mìíràn lo dáhùn. 30 ni ohun tí ẹni méjì máa gbé wá bí wọ́n bá ti jọ fẹnu kò. Àwọn tí Cournot ń sọ kò jọ sọ̀rọ̀ rárá.

Jẹ́ ká lọ sí ìdí orísun omi tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìwé tí Antoine Augustin Cournot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde ní 1838, ẹni méjì ni wọ́n ní orísun kọ̀ọ̀kan, omi wọn dára bákan náà, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń tà á sí. Oníkálukú ló ń pinnu iye tí yóò gbé wá, ọjà ló ń pinnu iye tí wọ́n máa rà á. Ká ní ìwọ lo ni orísun kan. Iye ìgò tìrẹ ni q1, ti ẹnì kejì ni q2, santíìmù la sì fi ń ka owó.

Ká ní o gbà lọ́kàn rẹ pé ìgò 20 ni ẹnì kejì máa gbé wá. Owó ìgò kan á wá jẹ́ 100 − q1, gbogbo owó tó máa wọlé fún ọ á sì jẹ́ q1 × (100 − q1). Wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn dáadáa. Bó o bá rò wọ́n pọ̀, 100 ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá dọ́gba ni ìsọdipúpọ̀ wọn máa ń tóbi jù: 40 × 60 jẹ́ 2,400, 49 × 51 jẹ́ 2,499, 50 × 50 jẹ́ 2,500. Nítorí náà, gbé 50 wá, ìyẹn ìdajì ohun tí ẹnì kejì ṣẹ́ kù sílẹ̀. Iye yòówù kí q2 jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí:

q1 = (120 − q2)/2

Èyí la ń pè ní ìlà ìfèsì rẹ. Ìgò méjì tí ẹnì kejì bá fi kún tirẹ̀, ìwọ á yọ ọ̀kan nínú tìrẹ. Òun náà ní tirẹ̀:

q2 = (120 − q1)/2

Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé là ń wá. Fi ti ẹnì kejì sínú tìrẹ, wàá rí q1 = 30 + q1/4. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin q1 jẹ́ 30, q1 fúnra rẹ̀ á jẹ́ 40. q2 náà jẹ́ 40, owó ìgò kan jẹ́ 40, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín á sì pa 1,600.

Wàyí o, ká padà sí 30 rẹ. Owó ìgò á jẹ́ 60, ẹnì kọ̀ọ̀kan á pa 1,800, ó sì ju 1,600 lọ. Kí ló wá dé tí kò fi dúró? Bi ìlà ìfèsì léèrè: bí ẹnì kejì bá gbé 30 wá, (120 − 30)/2 jẹ́ 45. Gbé 45 lọ, owó ìgò á wálẹ̀ sí 45, ìwọ á pa 2,025, òun á já sí 1,350. Ohun tó o rí yìí, òun náà rí i. Ṣùgbọ́n ní 40, bó o bá gbé 41 tàbí 39 lọ, 1,599 lo máa pa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ibi tó o ti ṣìnà nìyẹn: o kọ 2q kó o tó wá ohun tó dára jù fún ọ. Ẹni tó kọ 2q ń sọ pé bí òun bá fi ìgò kan kún tòun, dandan ni kí ẹnì kejì fi kan kún tirẹ̀. Di q2 mú ṣinṣin ná, wá q1 tó dára jù, ẹ̀yìn ìgbà yẹn lo tó lè sọ pé wọ́n dọ́gba.

Wọn kì í sì í dọ́gba nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ń ná 30 lórí ìgò kan láti gbé e dé ọjà, ìlà tìrẹ á di q1 = (90 − q2)/2, ti ẹnì kejì kò ní yí padà. Ìwọ á gbé 20 wá, òun 50, owó ìgò á sì jẹ́ 50.

Ní 1883, Joseph Bertrand ta ko Cournot pé iye owó ni irú àwọn olórísun bẹ́ẹ̀ máa fi bá ara wọn jà, wọ́n á sì máa já a wálẹ̀ títí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbi tí ènìyàn ti ní láti pinnu iye ọjà tí yóò pèsè kí ọjà tó ná ni ìṣirò Cournot ti bá a mu jù.

Èyí kan kù fún ọ láti ṣe. Jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì máa ná 30 lórí ìgò kan, kó o wá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. 30 lo máa tún rí. Má bẹ̀rù rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí: fi í sínú ìlà, (90 − 30)/2 jẹ́ 30.