Dọ́sìnnì, gúróòsì, sikọ́ọ̀, ríìmù: mélòó ni?

Tó o bá lọ ra báírò ní Kétu láti lọ tún un tà, tí wọ́n ní gúróòsì kan ló wà nínú páálí, kà á kó o tó sanwó. Dọ́sìnnì kan jẹ́ 12. Dọ́sìnnì méjìlá ló ń di gúróòsì kan, ìyẹn 144. Ká ní páàkì 12 lo bá nínú páálí, àmọ́ tí báírò 10 péré wà nínú páàkì kọ̀ọ̀kan, 120 lo rà yẹn. Dọ́sìnnì méjì ti lọ!

Sikọ́ọ̀ ò le rárá, ogún wa náà ni. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún méje ni ogóje. Gúróòsì kan wá jẹ́ ogóje ó lé mẹ́rin.

Ti pépà ni ríìmù: 500. Ta ló fẹ́ jókòó máa kà á? Gbé e sórí ìwọ̀n. Pépà A4 kan tó jẹ́ 80 gsm wọn nǹkan bíi gíráàmù 5, torí náà ríìmù kan gbọ́dọ̀ tó kílò méjì ààbọ̀. Tó bá jẹ́ kílò méjì, á ti dín ní bíi 100. Àmọ́ wo ara páàkì dáadáa o: tó bá jẹ́ 70 gsm, ó lè pé 500 kó má ju kílò 2.2 lọ.