Má San Án Lẹ́ẹ̀mejì

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ wá kí mi. Ó ti dìde tán láti máa lọ kó tó sọ ohun tó gbé e wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ₦61,200." Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi san gbèsè tí òun kò jẹ.

Mo ní kó padà jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Lọ́dún 2023, ó yá ₦120,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa san án padà, ₦34,500 lóṣooṣù. Ó san mẹ́ta láti inú àpò owó tirẹ̀. Lóṣù kẹrin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì rẹ̀ kò dáa, ìyàwó rẹ̀ ló bá a fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti báńkì mìíràn. Owó dé ọ̀dọ̀ ayánilówó, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó ló bá a dé, kò sì sí nọ́ńbà gbèsè kankan lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ti ta ni, wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìwé wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ wa kò san tìkẹrin, wọ́n sì ń fi owó ìtanràn kún un títí ó fi di ₦61,200.

Lẹ́yìn ọdún méjì ó lé díẹ̀, ó fẹ́ yá ₦800,000 ní báńkì ìdàgbàsókè kan láti fi ra ẹ̀rọ tó ń ya ọnà sára agbádá. Wọ́n fi BVN rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ gbèsè, wọ́n sì ní kó máa lọ. Wọ́n ti kọ "Lost" síwájú orúkọ rẹ̀. Nílànà Báńkì Àpapọ̀, gbèsè tí a kò san fún 90 ọjọ́ ti di aláìsàn. Bó bá kọjá 180, a máa ṣiyèméjì sí i. Bó bá kọjá 360, ohun tó ti sọnù ni, òun ni "Lost". Kò sí orúkọ tó burú tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yáwó.

Nígbà tó pe ayánilówó, ọ̀dọ́bìnrin tó gbé fóònù sọ fún un pé, "Ẹ kàn san án, sà, a máa yọ orúkọ yín kúrò." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò ní ẹ̀ka ìyánilówó ní báńkì kan kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí ìdáhùn yẹn túmọ̀ sí. Bó bá san án, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ti san, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n á kọ ni pé gbèsè tó ti ré kọjá 360 ọjọ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá san. Owó tí kò jẹ ni yóò fi ra orúkọ ẹni tí kì í sanwó bọ̀rọ̀.

Mo ní kó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ náà kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin àkọsílẹ̀ gbèsè ti ọdún 2017 fún ẹnikẹ́ni láyè láti gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àṣìṣe náà wà níbi méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ní ṣé kí òun lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn jà ni. Rárá o. Ẹ lè fi ẹjọ́ sùn wọ́n, ó sì dáa kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń tako ohun tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ayánilówó bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kọ, ó sì máa ń fi tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ ayánilówó fúnra rẹ̀ kò bá tíì yí padà, àṣìṣe tí a pa rẹ́ lóṣù yìí á tún padà dé lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti rí èyí tó padà dé lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ irọ́ la ti ń tún irọ́ ṣe.

Ẹ̀rí ló kù. Ìyàwó rẹ̀ ṣí áàpù báńkì, ó wá rísíìtì ọjọ́ náà, ó sì rí "Session ID" nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 30. Òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù, nítorí báńkì tó fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó gbà á lè fi tọpinpin owó náà. Àwòrán tí a kọ "sọ́sẹ́sì" sí lára nìkan kò tó.

A kọ lẹ́tà náà sórí tábìlì oúnjẹ mi. Lẹ́yìn orúkọ àti nọ́ńbà gbèsè, ohun tí a kọ kò ju báyìí lọ: "Mo san ₦34,500 tó kù láti inú àpò owó ìyàwó mi, rísíìtì rẹ̀ rèé. Mo fẹ́ kí ẹ fi owó náà sórí gbèsè mi láti ọjọ́ tó wọlé, kí ẹ yọ gbogbo ìtanràn, kí ẹ sì tún àkọsílẹ̀ mi ṣe lọ́dọ̀ gbogbo ibi tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, títí kan àwọn oṣù tí ẹ kọ pé mi ò san. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi ní kíkọ." A fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì, a sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiwa.

Wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n ní ó ti parí. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n wá fi ìlà kan ránṣẹ́ pé kò jẹ wọ́n ní gbèsè mọ́. Inú rẹ̀ dùn, tèmi kò dùn. "Mọ́" yẹn ń sọ pé ó ti jẹ ẹ́ rí. Ìwé náà kò sì sọ nǹkan kan nípa àkọsílẹ̀. A dá a padà. Èyí tó tẹ̀lé e ló pé: ó ní nọ́ńbà gbèsè, ọjọ́ tí wọ́n gba owó, ọ̀rọ̀ pé àṣìṣe tiwọn ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ méjèèjì tí wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àti ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lù.

Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ayánilówó bá jẹ́ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ fún láṣẹ, ẹ kọ̀wé sí cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ so ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ti orí fóònù lásán, àjọ FCCPC ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ pẹ́ kí ẹ tó san, ẹ má dààmú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ lè bèèrè kò ju pé kí wọ́n kọ pé ẹ ti san. Ẹni tó bá ní òun lè gba owó kí òun fọ BVN yín mọ́, olè ni.

Lóṣù kejì, a tún wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ibi méjèèjì ti kọ "Closed", owó tó kù jẹ́ òdo, ọjọ́ tó pẹ́ náà sì jẹ́ òdo. Oṣù kẹta ló tún wò ó fúnra rẹ̀, àṣìṣe náà kò tíì padà. Lẹ́tà náà wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú rísíìtì ìyàwó rẹ̀, ẹ̀dà kan sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. ₦61,200 yẹn, n kò fún un.