Ṣé Kò Séwu Tí Mo Bá Fi Páásíwọ̀ọ̀dù àti Káàdì Mi Sínú Chrome?

Ìbéèrè yìí pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Èmi náà á kọ́kọ́ bi yín: olè wo lẹ̀ ń sá fún? Èyí tó wà lókèèrè, èyí tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín, àbí èyí tó ti wọ inú rẹ̀ lọ?

Ní ti olè tó wà lókèèrè, Chrome ń ràn yín lọ́wọ́. Ká ní ẹnì kan fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín, tí ojú ìwé tó ṣí sì jọ ti báńkì yín bí ìbejì. Aṣàwákiri kì í wo àwọ̀ tàbí àmì báńkì. Àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà ló ń kà. Bí àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ò bá bá èyí tó tọ́jú mu, kò ní gbé páásíwọ̀ọ̀dù yín síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí Chrome bá dákẹ́ níbi tó ti máa ń bá yín kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà wò dáadáa ná.

Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yín ńkọ́? Ẹ dán èyí wò lórí láàpútọ́ọ̀pù tiyín. Ẹ ṣí ojú ìwé ìwọlé kan tí Chrome ti bá yín fi páásíwọ̀ọ̀dù sí, tí ẹ kàn ń rí àmì tóótòòtó. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ibẹ̀, kí ẹ yan "Inspect". Ẹ ó rí ìlà kan tí irú èyí wà nínú rẹ̀:

```
type="password"
```

Ẹ pa `password` yẹn rẹ́, kí ẹ kọ `text` rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Gbogbo rẹ̀ á hàn kedere! Kò béèrè PIN kankan, kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹ Windows àti L pọ̀ láti ti ojú kọ̀ǹpútà mi pa kí n tó dìde. Ẹ tún lè lọ sí `chrome://password-manager/settings`, kí ẹ tan "Use Windows Hello when filling passwords", kí Chrome lè máa béèrè PIN tàbí ìka yín kó tó kọ ohunkóhun. Ní káfẹ́, "Never" ni kí ẹ tẹ̀ o jàre.

Olè kẹta ló le jù. Lórí Windows, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ `Login Data` ni Chrome ń kó páásíwọ̀ọ̀dù sí. Ó tì í pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà kan náà ni kọ́kọ́rọ́ wà, Windows sì ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún àkáǹtì yín. Ètò tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí, orúkọ yín ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wa géèmù olówó jáde lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ pa agbógunti-fáírọ́ọ̀sì, ìgbà kan ṣoṣo tó bá ṣí i ti tó láti kó gbogbo rẹ̀ lọ. RedLine jẹ́ irú ètò olè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan para pọ̀ gba àwọn sáfà rẹ̀, àmọ́ irú rẹ̀ ò tán nílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Chrome fi àgádágodo mìíràn kún un lórí Windows. Ó mú iṣẹ́ wọn nira, kò dá wọn dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọ́n tún ń kó kúkì, ìyẹn ẹ̀rí tó ń sọ fún ìkànnì pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè wọlé láì mọ páásíwọ̀ọ̀dù, nígbà mìíràn láì rí nọ́ńbà OTP pàápàá. Bí ẹ bá fura, bóyá ẹ rí ìwọlé láti ìlú tí ẹ ò dé rí, ẹ má yí páásíwọ̀ọ̀dù padà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, torí olè náà lè ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò yín. Ẹ lo fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde, kí ẹ tó wá tún Windows gbé sórí kọ̀ǹpútà náà látìbẹ̀rẹ̀.

Páásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì àti ti báńkì, orí mi ni mo fi wọ́n sí. Ti ìkànnì bọ́ọ̀lù àti ti ọjà, kí Chrome máa bá mi tọ́jú wọn.

Káàdì wá ńkọ́? Nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa kásẹ̀ ni Chrome ń tọ́jú. Ó lè tọ́jú CVV náà bí ẹ bá gbà á láyè, nítorí náà ẹ lọ sí `chrome://settings/payments`, kí ẹ pa "Save security codes". Báńkì wa sábà máa ń béèrè OTP lórí ìkànnì ilé, ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì òkè òkun kan wà tí kì í béèrè. Fún irú wọn, káàdì orí fóònù tí kò so mọ́ àkáǹtì owó oṣù mi ni mò ń lò, iye tí mo fẹ́ ná gan-an ni mo sì ń fi sínú rẹ̀.