Iye Owó Tí A Fi Ìlà Pa

Àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ ìwé ìléwọ́ tí a kọ ₦15,000 sí, tí a fi ìlà pa á, tí ₦9,000 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iye àkọ́kọ́ ni ìdákọ̀ró: ọkàn wa so mọ́ ọn, a kò tún béèrè bóyá ọjà náà tó ₦9,000, èrè ₦6,000 nìkan ni a ń rò. “Ó ku mẹ́wàá péré” kò ní jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí iye rẹ̀ ní Bàrígà. “Gbogbo àdúgbò ti rà á” sì ń bá wa parí iyèméjì.

Bí òǹtajà bá ti tà á ní ₦15,000 rí ní tòótọ́, kò ṣẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì lòdì sí i. Ẹ padà lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì, bóyá mẹ́wàá náà ni ó ṣì kù.