Sísè Sùpàgẹ́tì: Omi, Iyọ̀ àti Ìdájọ́ Eyín

Ní Òkè-Àkò àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ní agbègbè Ìkọ̀lé ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, kò sí oúnjẹ tí ó borí iyán. Ọmọ tí ó bá ti dàgbà tó láti dúró ti ààrò ti mọ bí a ti í mọ̀ pé iṣu jinná. Kì í wo aago. Yóò mú ọ̀bẹ, yóò fi gún iṣu náà nínú ìkòkò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ títí dé àárín, iṣu ti jinná. Bí ọ̀bẹ bá rí ohun líle láàárín, iṣu kò tíì jinná. Ẹni tí ó bá sì gún un bẹ́ẹ̀ yóò rí kókó nínú iyán rẹ̀.

Sùpàgẹ́tì náà ń fẹ́ irú ìdájọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò fún un. A máa ń da omi díẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, a ó da sùpàgẹ́tì sí i, a ó bo ìdérí, a ó sì lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí a bá fi máa padà dé, àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra bí ìdì igi, àwọn kan ti jó mọ́ ìdí ìkòkò, àwọn ìyókù sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Owó ti lọ, igi ìdáná tàbí gáàsì ti lọ, oúnjẹ kò sì dùn. Ohun mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀: omi tí ó tó, iyọ̀ tí ó tó, àti ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Kí a tó lè mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí sùpàgẹ́tì jẹ́. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni a fi ń ṣe é. A pò wọ́n pọ̀, a fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n jáde bí okùn, a sì sá wọn títí wọ́n fi gbẹ. Ohun méjì pàtàkì ni ó wà nínú ìyẹ̀fun náà. Èkíní jọ ohun tí ó wà nínú ògì. Gbogbo ẹni tí ó ti po ẹ̀kọ rí ni ó mọ̀ pé bí omi gbígbóná bá kan ògì, yóò fa omi náà mu, yóò wú, yóò sì ki. Èkejì jẹ́ èròjà kan tí ó ń fà bí rọ́bà, tí ó sì di ti àkọ́kọ́ mú bí àwọ̀n ti ń di ẹja mú. Bí sùpàgẹ́tì bá ti ń sè, èyí àkọ́kọ́ ń wú, èyí èkejì sì ń dì í mú kí ó má baà tú dànù. Bí a bá sè é jù, àwọ̀n náà kò ní lè di ẹrù rẹ̀ mú mọ́.

Àlìkámà líle kan wà tí èròjà bí rọ́bà yìí pọ̀ nínú rẹ̀. Òun ni ó dára jù fún sùpàgẹ́tì. Ní ọdún 1967, ìjọba ilẹ̀ Ítálì ṣe òfin pé àlìkámà líle yìí ni kí a máa fi ṣe sùpàgẹ́tì gbígbẹ tí a ń tà ní ilẹ̀ náà. Èyí tí a bá fi àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ṣe máa ń yára rọ̀, omi rẹ̀ sì máa ń yára funfun bí omi ògì. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ní láti tètè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọ wò.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kàn. Ìlànà àwọn ará Ítálì ni pé kí omi jẹ́ lítà kan fún ọgọ́rùn-ún gíráàmù sùpàgẹ́tì. Ìdí méjì ni ó wà fún èyí. Ní àkọ́kọ́, bí a bá da ohun tútù sínú omi tí ń hó, híhó náà yóò dáwọ́ dúró. Bí omi bá pọ̀, ìgbóná rẹ̀ kì í dín kù púpọ̀. Ní èkejì, ìṣẹ́jú kìíní àti èkejì ni ara sùpàgẹ́tì máa ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá fara kàn. Nínú omi púpọ̀, àyè wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti yàgò fún èkejì. Síbẹ̀, omi nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi ṣíbí onígi rò ó dáadáa ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ yìí, kí a sì tún máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi jinná.

Àwọn kan máa ń da òróró sínú omi náà kí sùpàgẹ́tì má baà lẹ̀. Òróró kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Orí omi ni ó máa ń léfòó sí, ìsàlẹ̀ sì ni sùpàgẹ́tì wà. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ ni òróró yóò tó kàn án, yóò sì mú kí ara rẹ̀ máa yọ̀ tí ọbẹ̀ kò fi ní dúró lórí rẹ̀.

Ní ti iyọ̀, àwọn kan rò pé ó ń mú kí omi gbóná sí i kí oúnjẹ lè yára jinná. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí iyọ̀ ìdáná fi kún ìgbóná omi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi já mọ́ nǹkan kan. Adùn ni a ṣe ń fi iyọ̀ sí i. Bí sùpàgẹ́tì ti ń fa omi mu ni ó ń fa iyọ̀ mu, tí adùn fi ń wọ inú rẹ̀. Bí a bá sè é láìsí iyọ̀, iyọ̀ tí a bá bù lé e lórí lẹ́yìn náà kò ní dé àárín. Gíráàmù mẹ́wàá fún lítà omi kan ni ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ alásè ń lò. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a óò dà nù pẹ̀lú omi. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá ti ní iyọ̀ àti mágì púpọ̀, tàbí tí dókítà bá ti kìlọ̀ iyọ̀ fún, yóò dín in kù sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, báwo ni a ti í mọ̀ pé ó jinná? Àwọn ará Ítálì ní orúkọ fún ìwọ̀n jíjinná tí wọ́n fẹ́: ali dẹ́ńtè ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé eyín ni ó ń dá a lẹ́jọ́. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ọ̀rá wúlò, ṣùgbọ́n ìkòkò yàtọ̀ sí ìkòkò, iná sì yàtọ̀ sí iná. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí àkókò náà pé, a ó yọ ẹyọ kan, a ó fẹ́ ẹ kí ó tutù, a ó gé e sí méjì, a ó sì wo ojú ibi tí a ti gé e. Bí àárín rẹ̀ bá ní funfun tí ó tó ẹnu pẹ́ńsù, omi kò tíì dé ibẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́, yóò máa ta ìyẹ̀fun lẹ́nu, yóò sì lẹ̀ mọ́ eyín. Bí funfun náà bá ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tí eyín sì gé e láìsí wàhálà ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ pé òun gé nǹkan kan, àkókò rẹ̀ ti tó. Bí kò bá sí funfun rárá mọ́, tí ó sì ń já bí a bá ti fi ṣíbí gbé e, ó ti kọjá ààlà, kò sì sí ohun tí a lè ṣe tí yóò fi padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé e. Ká ní ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kan ní Òkè-Àkò fẹ́ se ọ̀rá sùpàgẹ́tì kan, tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù, ní jọ̀lọ́ọ̀fù fún àlejò. Lítà omi márùn-ún ni yóò gbà. Èyí jẹ́ omi inú ọ̀rá mẹ́wàá, nítorí pé ìdajì lítà ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ tóbi tó kí omi má baà hó dà sínú iná. Iyọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ọbẹ̀ jọ̀lọ́ọ̀fù ti ní iyọ̀ tirẹ̀, ṣíbí kan àbọ̀ tó. Ọbẹ̀ ata ni wọn yóò kọ́kọ́ sè, nítorí pé ọbẹ̀ lè dúró de sùpàgẹ́tì, ṣùgbọ́n sùpàgẹ́tì kò lè dúró de ọbẹ̀.

Nígbà tí omi bá hó dáadáa, wọn yóò da iyọ̀ sí i, wọn yóò sì ki sùpàgẹ́tì bọ̀ ọ́ láìṣẹ́ ẹ. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ̀, wọn yóò fi ṣíbí tẹ ìyókù rì. Bí a bá kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sára ọ̀rá náà, ní ìṣẹ́jú keje ni wọn yóò yọ ẹyọ àkọ́kọ́ wò. Ní ìṣẹ́jú kẹjọ, funfun àárín rẹ̀ yóò ti dín kù, ṣùgbọ́n yóò ṣì hàn kedere. Ìgbà yìí gan-an ni kí wọ́n gbé e, nítorí pé yóò tún sè nínú ọbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Wọn yóò bu ife omi rẹ̀ kan pa mọ́, wọn yóò sẹ́ ìyókù, wọn yóò da sùpàgẹ́tì sínú ọbẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú díẹ̀ nínú omi náà, wọn yóò sì máa rò ó lórí iná. Wọn kò ní fi omi tútù ṣàn án, nítorí pé ohun tí ń lẹ̀ díẹ̀ ní ara rẹ̀ ni yóò di ọbẹ̀ mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní tútù nínú sàláàdì nìkan ni ó yẹ kí ó ṣàn án.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá wọ́n, lítà márùn-ún lè ni ènìyàn lára. Ní ọdún 2009, Harold McGee, ará Amẹ́ríkà tí ó máa ń kọ̀wé lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìdáná, ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì rí i pé nǹkan bíi lítà méjì lè se ìwọ̀n tí ó súnmọ́ ọ̀rá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sè é báyìí kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ìkòkò, nítorí pé rírò nígbà gbogbo ni ó rọ́pò omi tí kò sí. Ó tún gbọ́dọ̀ dín iyọ̀ kù ní ìwọ̀n omi náà. Ìdájọ́ eyín ni kò yí padà: yálà omi pọ̀ tàbí ó kéré, ojú funfun kékeré tí ó wà ní àárín ni yóò sọ fún alásè pé kí ó gbé ìkòkò kalẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sùpàgẹ́tì tí a fi àlìkámà líle ṣe àti èyí tí a fi àlìkámà búrẹ́dì ṣe?
2. Èé ṣe tí òróró kò fi lè dènà lílẹ̀ mọ́ra sùpàgẹ́tì nínú omi?
3. Ìdílé kan fẹ́ se ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù sùpàgẹ́tì. Lítà omi mélòó àti gíráàmù iyọ̀ mélòó ni wọn yóò lò bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà àwọn ará Ítálì?
4. Èé ṣe tí a fi ní láti tètè gbé sùpàgẹ́tì tí a fẹ́ fi se jọ̀lọ́ọ̀fù kúrò lórí iná?
5. Kọ àròkọ kúkúrú lórí bí a ti í mọ̀ pé oúnjẹ kan tí a ń sè ní ilé rẹ ti jinná, láìwo aago.